Ìrẹsì àti Ẹran Sísun: Bí Ilé Ìdáná Kékeré Ṣe Ń Ṣọ́ Ewu Inú Oúnjẹ

Ètò ìtúpalẹ̀ ewu àti ojúkò ìṣọ́, èyí tí orúkọ ìgékúrú rẹ̀ lára ìwé ẹ̀rí àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ ń jẹ́ HACCP, ni ìwé tí alásè fi ń tọ oúnjẹ lẹ́sẹ̀ láti ọjà títí dé ẹnu ẹni tó máa jẹ ẹ́. Òun ló ń fi ibi tí ewu fara pamọ́ sí lójú ọ̀nà náà hàn, òun náà ló sì ń yan ẹni tó máa ṣọ́ àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù. Kò dá lórí kí a tọ́ oúnjẹ wò nígbà tó bá jinná tán. Ojú àtọ́wò ti pẹ́ jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun tó ń pa ènìyàn lára nínú oúnjẹ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kò sì ní adùn kan tó yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò òfuurufú ló bí ètò yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1960, ilé iṣẹ́ Pillsbury ní Amẹ́ríkà, àjọ NASA àti ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà ní Natick jọ ń wá oúnjẹ tí kò ní ṣe àwọn tó ń lọ sí òfuurufú ní jàǹbá. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá fẹ́ fi àyẹ̀wò oúnjẹ tó ti jinná mọ̀ dájú pé kò léwu, èyí tí wọ́n máa lò tán lórí àyẹ̀wò á fẹ́rẹ̀ẹ́ ju èyí tó máa ṣẹ́ kù fún jíjẹ lọ. Wọ́n wá yíjú sí bí a ṣe ń se oúnjẹ náà gan-an, wọ́n ń ṣọ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní 1993, ìgbìmọ̀ Codex Alimentarius, tí àjọ oúnjẹ àti àjọ ìlera ti àgbáyé jọ dá sílẹ̀, fọwọ́ sí ìlànà rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ìlànà méje ló wà nínú rẹ̀. A ó wá ewu jáde; a ó yan ojúkò tí a ti lè dá ewu náà dúró; a ó fi ààlà sí ojúkò kọ̀ọ̀kan; a ó máa wò ó bóyá a kò kọjá ààlà; a ó ti pinnu ṣáájú ohun tí a máa ṣe bí a bá kọjá rẹ̀; a ó máa yẹ ètò náà fúnra rẹ̀ wò; a ó sì máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá kà á báyìí, ó lè dà bí iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Nínú ilé ìdáná tí kò ju ènìyàn márùn-ún lọ, gbogbo rẹ̀ kì í ju ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Ká mú irú ilé ìdáná bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Alásè tó ni ibẹ̀ ní ẹnì kan tó ń se ìrẹsì, ẹnì kan tó ń sun ẹran, àti ọmọ iṣẹ́ méjì tó ń fọ abọ́, tó ń gé àlùbọ́sà, tó sì tún ń bu oúnjẹ lóde. Wọ́n gba iṣẹ́ ìnáwó àádọ́jọ ènìyàn fún ọjọ́ Sátidé kan. Jọ́lọ́ọ̀fù, ìrẹsì funfun àti ọbẹ̀ ata, adìẹ sísun, àti ẹran màlúù tí a sun bíi sùúyà ni wọ́n máa gbé kalẹ̀. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ dé òde ní agogo méjìlá ọ̀sán, àwọn àlejò á sì máa jẹ títí di nǹkan bí agogo mẹ́rin.

Ohun tí alásè máa kọ́kọ́ ṣe ni pé á ya ọ̀nà tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ń gbà sórí ìwé. Ìrẹsì: a rà á, a ṣà á, a bọ̀ ọ́, a ṣàn án, a sè é, a rọ ọ́ sínú kúlà, a gbé e lọ sóde, a bù ú. Adìẹ: a rà á, a fọ̀ ọ́ mọ́, a rẹ ẹ́ sínú èròjà, a sun ún, a kó o sínú kúlà, a pín in. Lẹ́yìn náà, kó mú ìwé yẹn dání lọ dúró sínú ilé ìdáná lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, kó sì máa fi ojú ara rẹ̀ wò ó bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, òun ló sì ń tú àṣírí jáde jù lọ. Tíréè tí wọ́n fi gbé adìẹ tútù wá sídìí ààrò wà nílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí adìẹ àkọ́kọ́ jinná, ẹni tó ń sun ún fi ẹ̀mú gbé e, ó sì tò ó padà sórí tíréè kan náà, níbi tí omi ẹ̀jẹ̀ ṣì wà. Búrọ́ọ̀ṣì tó ń tì bọ inú èròjà tí ẹran tútù ti sùn mọ́jú ló tún fi ń ra adìẹ tó ti ń jinná lójú. Kò sí ẹni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ló ti mọ́ ọn. Kò sì sí nínú ìwé.

Nínú gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì yìí, ìrẹsì ni àwọn ènìyàn kì í fura sí, ó sì yẹ kí a fura sí i. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Básílọ́ọ̀sì sẹ́rọ́ọ̀sì. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, inú oko ló sì ti ń bá ìrẹsì wá. Bí ipò kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, á sọ ara rẹ̀ di kóró tó ní èèpo líle, kóró yìí sì lè wà nínú ìrẹsì gbígbẹ fún ìgbà pípẹ́. Omi tó ń hó kì í pa gbogbo kóró náà. Ìgbóná a máa jí wọn ni. Nígbà tí ìrẹsì bá ti jinná tó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, kóró á là, kòkòrò á jáde, á sì máa pọ̀ sí i láàárín oúnjẹ tó tutù yọ̀yọ̀ tí kò sì ní ohun mìíràn tó ń bá a du àyè.

Bí ó bá pọ̀ tó, ó lè tu májèlé kan sínú ìrẹsì, èyí tó ń mú ènìyàn bì láàárín ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn tó bá jẹun. Ẹ̀yà mìíràn rẹ̀ tún wà tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, ìyẹn sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń fa èébì ló le jù fún alásè, nítorí pé iná kò ràn án. Ìgbóná tó ju ti omi híhó lọ, kódà dígírì 121 fún wákàtí kan àti ààbọ̀, kì í ba májèlé yẹn jẹ́. (Dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì ni gbogbo ìwọ̀n ìgbóná tó wà níhìn-ín.) Nítorí náà, gbígbé ìrẹsì àná kaná títí tó fi ń yọ èéfín lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n májèlé tí kòkòrò ti tú sílẹ̀ lóru á wà níbẹ̀ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò dìgbà tí ìrẹsì bá kan kó tó léwu. Ìrẹsì tó ti kan ni gbogbo ènìyàn mọ̀, wọ́n á sì dà á nù. Èyí tí kò tíì kan ni wọ́n ń jẹ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn onímọ̀ ti rí èyí kedere ní àwọn ọdún 1970. Àwọn ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà níbẹ̀ máa ń se ìrẹsì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á fi í sílẹ̀ ní gbalasa fún wákàtí púpọ̀ tàbí di ọjọ́ kejì, wọ́n á wá yára dín díẹ̀ nínú rẹ̀ bí oníbàárà bá ti ń dé. Àwọn oníbàárà ń bì. Kò sí ohun tó ṣe ìrẹsì náà nígbà tí wọ́n sè é, iná tí wọ́n fi dín in kò sì burú. Wákàtí tó wà láàárín méjèèjì ni gbogbo ewu ti wọlé.

Ọ̀rọ̀ ẹran yàtọ̀. Adìẹ tútù sábà máa ń gbé Sàmónẹ́là àti Kampilobákítà lára, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kì í ṣe kóró. Bí àárín ẹran bá ti gbóná dé dígírì 75, wọ́n ti kú. Ẹran inú ọbẹ̀ ló tún dà bí ìrẹsì, nítorí kòkòrò Kilositirídíọ̀mù náà ní kóró tí híhó kì í pa. Nínú ìkòkò ọbẹ̀ ńlá tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lè sọ ara rẹ̀ di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á máa pariwo inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà. Ìdí nìyí tí ètò fi gbọ́dọ̀ fi ojú kan náà wo ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ran àti ìrẹsì.

Àwọn ewu tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Òkúta inú ìrẹsì, eegun tó fọ́ wẹ́wẹ́, àti okùn kékeré tó ń já lára kànrìnkàn onírin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, gbogbo wọn ni ṣíṣà àti ojú tó mọ́lẹ̀ lè mú kúrò. Kẹrosíìnì àti oògùn ẹ̀fọn kò gbọ́dọ̀ bá òróró gbé orí pẹpẹ kan náà. Yájì nìkan ló yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Kúlíkúlí tí a fi ṣe é lè wá láti ara ẹ̀pà tó ti bu, oró tí ìbu náà ń fi sílẹ̀ kò sì ṣeé yọ́ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni iná ààrò kò lè pa á tán. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà ni kí alásè ra ẹ̀pà tó dára, kó ṣa èyí tó bu kúrò, kó sì lọ yájì rẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kó rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí a bá ti to ewu jọ, a ó yan ojúkò ìṣọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń dàrú, torí pé alásè tó ń bẹ̀rù á fẹ́ sọ gbogbo nǹkan di ojúkò, títí kan ọwọ́ fífọ̀ àti gbígbá ilẹ̀. Ìbéèrè kan ló ń yanjú rẹ̀: ṣé ìgbésẹ̀ mìíràn ń bọ̀ níwájú tó máa pa ewu yìí? Bí ó bá ń bọ̀, ibi tí a wà kì í ṣe ojúkò. Sàmónẹ́là wà lára adìẹ nígbà tí a rà á, ṣùgbọ́n ààrò ń bọ̀ níwájú. Nítorí náà ààrò ni ojúkò, ọjà kọ́. Bí adìẹ bá ti kúrò lórí ààrò, kò sí iná mìíràn mọ́, gbogbo ohun tó bá sì kàn án láti ìgbà náà lọ kò ní atúnṣe. Àlùbọ́sà tútù àti yájì tí wọ́n ń wọ́n sórí sùúyà wà nínú irú ipò yìí. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ àlùbọ́sà náà kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n fi ọ̀bẹ àti pátákó tí kò kan ẹran tútù rí gé e, kí yájì tí wọ́n ń wọ́n sì yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi pa ẹran lára. Ọwọ́ fífọ̀, pátákó ọ̀tọ̀, tíréè ọ̀tọ̀, àti pé ẹni tó ń ṣu tàbí tó ní ojú egbò lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ kan oúnjẹ, ìpìlẹ̀ ni wọ́n jẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà. Ètò ìṣọ́ kò lè dúró láìsí wọn, ṣùgbọ́n tẹmómítà kò lè wọ̀n wọ́n.

Fún ilé ìdáná Ìbàdàn wa yìí, ojúkò mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù: àárín ẹran lórí ààrò, ìgbóná inú kúlà, àti títutù oúnjẹ tí a bá sè sílẹ̀.

Ti ààrò ni dígírì 75 nínú ibi tó nípọn jù lọ. Lára itan adìẹ, ibẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ eegun. Ẹnu tẹmómítà gbọ́dọ̀ wọ inú ẹran láìkan eegun, nítorí eegun lè sọ ìwọ̀n tí kì í ṣe ti ẹran. Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Èédú tó ń jó fòò lè sun ara adìẹ dúdú nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì tutù, pàápàá bí adìẹ náà kò bá tíì yọ́ tán láti inú fírísà. Bẹ́ẹ̀ náà ni èéfín lè mú kí ẹran tó ti jinná dáadáa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹran sùúyà tí a là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ṣeé ki tẹmómítà bọ̀. Fún un, ààlà ni bó ṣe nípọn tó àti iye ìṣẹ́jú tó lò lórí iná, èyí tí alásè ti kọ́kọ́ dán wò pẹ̀lú ọ̀pá àkọ́kọ́ tó nípọn jù, tó gé e sí méjì láti rí àárín rẹ̀. Bí ìwọ̀n adìẹ kan bá wà lábẹ́ 75, kó padà sórí iná, kí wọ́n sì wọn gbogbo èyí tí wọ́n jọ wà lórí ààrò ní ìgbà náà. Èròjà tí ẹran tútù ti rẹ sínú rẹ̀, kí wọ́n dà á nù, tàbí kí wọ́n sè é kó hó dáadáa kí wọ́n tó tún fi ra ohunkóhun.

Ọ̀pọ̀ alásè máa ń bọ adìẹ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á sì sun ún lówùúrọ̀ Sátidé kó lè yá. Àṣà yìí kò burú bí adìẹ náà bá jinná tán lálẹ́, tó sì tutù kíákíá wọnú fíríìjì. Èyí tí wọ́n kàn fi iná pa lójú, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ nínú omi rẹ̀ di òwúrọ̀, ló burú, nítorí pé ó ti gbóná tó láti jí kòkòrò, kò sì gbóná tó láti pa á.

Ti kúlà ni pé oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ dígírì 60. Kúlà kì í gbé ìgbóná wá. Èyí tí a bá rọ sínú rẹ̀ nìkan ló ń tọ́jú. Nítorí náà, wọ́n máa da omi híhó sínú rẹ̀, wọ́n á dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á dà á nù, wọ́n á sì rọ ìrẹsì tó ṣì ń gbóná ju dígírì 80 sínú rẹ̀ títí tó fi kún. Kúlà tó kún máa ń pẹ́ kó tó tutù ju èyí tó wà ní ìlàjì lọ. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí wọ́n gbé kúlà kékeré mẹ́rin lọ sóde dípò kúlà ńlá méjì: wọ́n á máa ṣí ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù á wà ní dídé. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á ki tẹmómítà bọ àárín ìrẹsì, á sì kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Ti títutù ló le jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn ń fi ojú kékeré wò jù. Ìkòkò ìrẹsì ńlá tí wọ́n bá se tán ní agogo mẹ́wàá alẹ́, tí wọ́n sì fi ọmọrí dé, á ṣì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní àárín títí di òwúrọ̀. Èyí tó wà ní àárín dà bí ẹni tó fi aṣọ òtútù bora; ìrẹsì tó yí i ká kò jẹ́ kí ooru rẹ̀ jáde. Gbígbé ìkòkò náà bẹ́ẹ̀ wọ fíríìjì kò ràn án lọ́wọ́, ó kàn máa mú kí ohun tó wà nínú fíríìjì gbóná ni. Ààlà tí òfin oúnjẹ Amẹ́ríkà lò ni pé kí oúnjẹ kúrò ní dígírì 57 dé 21 láàárín wákàtí méjì, kó sì dé dígírì 5 láàárín wákàtí mẹ́rin tó tẹ̀ lé e. Ohun tó lè mú ìrẹsì pa ààlà yìí mọ́ ni kí wọ́n tẹ́ ẹ sínú tíréè fífẹ̀, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí wọ́n tó gbé e wọ fíríìjì. Bí wákàtí méjì bá kọjá tí kò tíì dé 21, kí wọ́n dà á nù. Gbígbé e kaná kì í ṣe àtúnṣe níhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ májèlé tí a ti sọ lókè.

Ní ìlú tí iná mànàmáná lè lọ ní agogo mọ́kànlá alẹ́ kó má dé títí ilẹ̀ fi mọ́, alásè tó bá ń ronú jinlẹ̀ á wá bi ara rẹ̀ bóyá ó yẹ kí ojúkò yìí tilẹ̀ wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Bí jẹnẹrétọ̀ kò bá dájú, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ó yọ sísè sílẹ̀ kúrò. Kí wọ́n ṣa ìrẹsì, kí wọ́n lọ ata, kí wọ́n sì ṣètò ohun gbogbo lálẹ́; kí sísè fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Oorun díẹ̀ ló máa dù wọ́n, àmọ́ ojúkò tó ṣòro jù lọ láti ṣọ́ ti kúrò lórí ìwé. Ètò tó dára a máa dín ojúkò kù.

Tẹmómítà tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé gbọ́dọ̀ máa sọ òótọ́. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi yìnyín tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ kún ife, wọ́n á da omi díẹ̀ sí i, wọ́n á ki tẹmómítà bọ àárín rẹ̀, wọ́n á sì dúró kí ìwọ̀n rẹ̀ má yí mọ́. Òdo ló yẹ kó fi hàn. Bí ó bá fi dígírì kan lé tàbí dín, ó ṣì ṣeé fara mọ́. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n ra òmíràn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kì í bọ ẹran kan, wọ́n á fi ọṣẹ fọ ẹnu rẹ̀, wọ́n á fi sípírítì nù ún kí wọ́n tó kì í bọ òmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé kòkòrò láti ara adìẹ tútù lọ sínú èyí tó ti jinná.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, ìwé àkọsílẹ̀ wọn lè rí báyìí. Ní agogo 10:20 òwúrọ̀, itan adìẹ tó tóbi jù lórí ààrò kejì wà ní dígírì 68. Ẹni tó ń sun ún dá gbogbo ààrò náà padà, ó kúrò lórí èédú tó ń jó, ó fi ọmọrí bò ó, ó sì tún un wọ̀n ní 10:32, ó jẹ́ 79. Ó kọ méjèèjì sílẹ̀. Ní agogo 1:10 ọ̀sán, kúlà jọ́lọ́ọ̀fù kẹta wà ní 66. Ní 2:10, ó ti wà ní 54. Nítorí pé àkọsílẹ̀ 1:10 wà níbẹ̀, wọ́n mọ̀ dájú pé kò tíì pé wákàtí kan tó ti lọ sísàlẹ̀ 60. Wọ́n gbé ìrẹsì náà kaná kíá, wọ́n mú un kọjá 75, wọ́n sì dá a padà sínú kúlà tí wọ́n tún ti fi omi híhó gbóná. Ká ní kò sí àkọsílẹ̀ tàbí kí wọ́n ti gbàgbé láti wọ̀n ọ́ fún wákàtí méjì, dídà nù ni ì bá jẹ́. Wọ́n tún wo ìdí rẹ̀: àwọn tó ń bu oúnjẹ ti fi ọmọrí sílẹ̀ ní ṣíṣí nítorí pé èrò pọ̀. Wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀, wọ́n sì yan ọmọ iṣẹ́ kan pé ọmọrí nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ bí èrò bá pọ̀.

Ohun kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n kọ nílẹ̀ òkèèrè kì í mẹ́nu kàn, àmọ́ tí òde Yorùbá kò lè ṣe láìsí. Bí àlejò bá ń lọ sílé, wọ́n máa ń ní kí wọ́n bá wọn di díẹ̀. Oúnjẹ inú ọ̀rá tàbí inú abọ́ ike yẹn á jókòó sínú ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, á dé ilé ní alẹ́, ọmọ á sì jẹ ẹ́ ní agogo mẹ́sàn-án. Ètò ilé ìdáná náà gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Kí wọ́n di oúnjẹ tí wọ́n bá ń bù lọ láti inú kúlà tí ìwọ̀n rẹ̀ ṣì wà lókè 60 nìkan. Kí wọ́n sọ fún ẹni tó ń gbà á pé kó jẹ ẹ́ láàárín wákàtí méjì, kó má sì tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sórí àwo àti èyí tó wà nínú kúlà tó ti tutù, kí wọ́n dà á nù síbẹ̀, kí ilé ìdáná má kó o padà.

Alásè tó ni ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ka ìwé àkọsílẹ̀ náà ní ìparí ọjọ́, kó sì fọwọ́ sí i. Tí gbogbo ìwọ̀n bá jẹ́ ẹyọ nọ́ńbà kan náà láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó fi hàn pé ẹnì kan jókòó sí kọ̀rọ̀ kọ ọ́ ni, kò wọ̀n ọ́. Kí alásè bi í léèrè. Bí oúnjẹ tuntun bá wọlé, bíi ìrẹsì ọ̀fadà tàbí ẹja sísun, tàbí bí wọ́n bá ra ààrò tuntun, kí wọ́n padà sí ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n ya ọ̀nà oúnjẹ sí, kí wọ́n sì tún un yà. Bí wolé-wolé bá dé, ìwé wọ̀nyí ni kí alásè nawọ́ rẹ̀ sí i, kí ó sì fi tẹmómítà hàn án.

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la kò nílò ju tẹmómítà kan tó ń sọ òótọ́, ìwé kan, bírò kan, àti ìpinnu pé kò ní se ìrẹsì sílẹ̀ mọ́jú mọ́ níbi tí iná kò bá dájú.